Àpò mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni kò jí

Ní oṣù Kejìlá 2021, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin da owó pọ̀, a ra igba àpò àgbàdo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó wà láàárín Ìkọ̀lé àti Òmùò. Ìgbà ìkórè àgbàdo ẹ̀ẹ̀kejì ni, owó rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ohun tí a gbèrò ni pé kí a tọ́jú rẹ̀ di oṣù Kẹfà, ìgbà tí àwọn olóko adìyẹ máa ń wá àgbàdo kiri tí tuntun kò sì tíì jáde. A háyà ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìkọ̀lé, a bẹ bàbá kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀ pé kí ó máa bá wa ṣọ́ ọ, a ó máa fún un lówó lóṣooṣù. Bàbá ní kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́, èmi ní èkejì.

Mo wọn àpò kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń gbé e wọlé, a sì rí i pé 100 kílò àgbàdo wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí a ti yọ ìwọ̀n òfìfo àpò kúrò. Àpò ọ̀rá híhun bíi ti ìrẹsì ni a lò, tí kò wúwo rárá. Ẹni tó bá ń lo àpò ọ̀gbọ̀ ní láti ṣọ́ra níbí, torí òfìfo rẹ̀ lè tó kílò kan, bí igba àpò bá sì wọlé láìyọ ọ́, 200 kílò tí kì í ṣe àgbàdo ti wọ ìwé nìyẹn. Àpapọ̀ tiwa jẹ́ 20,000 kílò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ nínú ọgbà yunifásítì tó wà ní Ìkọ̀lé, yá mítà tí wọ́n fi ń díwọ̀n omi inú àgbàdo wá, ó sì fi í wọn omi àpò bí i ogún. Ó ní ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ni omi tó wà nínú rẹ̀. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Bí ó bá jẹ́ oṣù Kẹjọ ni a kó àgbàdo olómi 16 wọlé ní Èkìtì, ìbá ti bu kí oṣù náà tó parí. Ọyẹ́ ló gbà wá. A to àpò sórí pákó ìtẹ̀lẹ̀, a fi àlàfo sílẹ̀ láàárín wọn, a sì jìnnà sí ògiri díẹ̀, fèrèsé sì wà ní ṣíṣí lọ́sàn-án. Atẹ́gùn gbígbẹ náà ń gba àárín wọn kọjá fún bí oṣù méjì.

Nígbà tó di oṣù Kejì 2022, oníbàárà kan láti Adó fẹ́ mọ iye tí a ní. A pe àwọn lébìrà, a wọn gbogbo rẹ̀ tán láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Igba àpò pé. Ẹnu gbogbo wọn wà ní rírán bí a ṣe rán an. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ kílò jẹ́ 19,180. Kílò 820 ti sọnù, ó lé ní àpò mẹ́jọ.

Orí mi gbóná. Bàbá nìkan ló ń wọlé. Mo rò ó pé bí èèyàn bá ń tú ẹnu àpò díẹ̀díẹ̀, tó ń bu kílò mẹ́rin mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì ń rán an padà, iye tí yóò já sí gan-an nìyí. Mo pe bàbá síta níwájú àwọn lébìrà, mo bi í léèrè. Kò bínú. Ó kàn wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ tún un wọn." A tún ogún àpò wọn. Bákan náà ni. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn rẹ̀, ó gbé e sórí síkéèlì, ó sì rìn lọ sílé.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi béèrè pé, "Àǹtí, ẹ ti wọn omi rẹ̀?" Mo ní rárá. Lọ́jọ́ kejì ó gbé mítà padà wá. Àwọn àpò tó wà níta ka 12, àwọn ti àárín ka 13, nígbà tí a pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 12.5. Ó wá jókòó sórí àpò kan, ó gba ìwé mi.

Ó ní kí n má wo àpò kan bí àgbàdo nìkan, kí n wò ó bí ohun méjì tó wà pọ̀, ohun gbígbẹ àti omi. Ní oṣù Kejìlá, nínú 100 kílò, omi jẹ́ 16, ohun gbígbẹ jẹ́ 84. Nínú 20,000 kílò, ohun gbígbẹ jẹ́ 16,800. Ọyẹ́ lè gbé omi lọ, ṣùgbọ́n kò lè gbé ohun gbígbẹ lọ. Nítorí náà 16,800 yẹn ṣì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní oṣù Kejì, bí kò bá sí olè, eku tàbí kòkòrò. Ní báyìí tí omi ti di 12.5, ohun gbígbẹ yìí di 87.5 nínú gbogbo 100. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí:

```
ìwọ̀n tó yẹ = ìwọ̀n àkọ́kọ́ × (100 − omi àkọ́kọ́) ÷ (100 − omi òní)
20,000 × (100 − 16) ÷ (100 − 12.5) = 19,200
```

Kílò 19,200 ló yẹ kí a bá. Kílò 19,180 ni a bá. Ohun tó yàtọ̀ kò ju 20 kílò lọ, èyí tí àgbàdo tó dà sílẹ̀ nígbà tí a ń gbé àpò lọ gbé bọ̀ lọ́jọ́ ìwọ̀n tó ó ṣàlàyé. Kílò 800 jẹ́ omi tí ọyẹ́ fà.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á kíyè sí ohun kan nínú ìṣírò yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ọ̀nà tó yá jù lójú ni kí a fi 12.5 yọ kúrò nínú 16, kí a ní ìdá 3.5 ló lọ, kí a sì ní 700 kílò ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi 12.5 ti oṣù Kejì kì í ṣe ìdá àpò ti oṣù Kejìlá, ìdá àpò tó ti fúyẹ́ ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 700 àti 800 jẹ́ 100 kílò, àpò kan gbáko. Bí mo bá ti ṣe ìyọkúrò yẹn, ǹ bá ti dá bàbá láre lórí àpò méje, n ó sì tún ti di ọ̀kan rù ú.

Mo lọ sí ilé bàbá lọ́jọ́ náà, mo kúnlẹ̀. Mo fi ìwé hàn án, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní òun ti mọ̀ pé àgbàdo máa ń fúyẹ́ lọ́yẹ́, pé ìyá òun kì í ta àgbàdo inú àká pẹ̀lú ìwọ̀n kan náà ní oṣù Kejìlá àti ní oṣù Kejì. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ẹni tó bi í. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó padà wá, ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí n wá máa wọn nǹkan lójú òun lóṣooṣù, kí ìwé wà lọ́wọ́ òun pẹ̀lú. Àdéhùn yẹn ló gbé wa dé ohun tí a mọ̀ lónìí.

Wíwọn igba àpò lóṣooṣù kò ṣeé ṣe. Yàtọ̀ sí owó lébìrà, ìwọ̀n fúnra rẹ̀ ń da àgbàdo nù: irin tí àwọn lébìrà fi ń fa àpò máa ń lu ihò sí i, ẹnu rírán tí kò dáa sì máa ń tú bí wọ́n ṣe ń jù ú. A wá mú àpò mẹ́wàá, a fi ọ̀dà pupa sàmì sí wọn, a to wọn kiri: méjì nísàlẹ̀ pátápátá, mẹ́rin láàárín, méjì lókè, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn wọ̀nyí nìkan ni a ń fà jáde lóṣooṣù, a ń wọn kílò wọn, a sì ń wọn omi wọn. Kí a tó wọn, a máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún fún omi sórí síkéèlì. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, a sì ti mọ ìwọ̀n òfìfo kẹ́ẹ̀gì náà, nítorí náà bí síkéèlì bá ń purọ́, yóò hàn kí àpò kankan tó gun orí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan ní oṣù Kẹta, ó fi kílò kan lé e. Ilẹ̀ tí a gbé síkéèlì sí kò tẹ́jú ni.

Gbígbá ilẹ̀ ilé ìkẹ́rùsí náà kò jẹ́ ohun tí à ń dà nù mọ́. Bàbá ń gbá a lọ́jọ́ Sátidé, ó ń wọn ún, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Kí ó tó dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, ó máa ń da díẹ̀ sórí ọpọ́n, ó sì ń ṣà á. Ọpọ́n yẹn sọ ọ̀pọ̀ nǹkan fún wa. Hóró tó pé, tó mọ́, jẹ́ èyí tó jábọ́ láti ihò àpò tàbí ẹnu rírán. Hóró tí wọ́n ti jẹ ojú rẹ̀, ibi rírọ̀ tí ó ti máa ń hù, tí wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀, eku ni. Lẹ́búlẹ́bú funfun pẹ̀lú hóró tó ní ihò róbótó kan ṣoṣo, kòkòrò ni. Ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, hóró pípé ló pọ̀ jù. A tún ẹnu àpò mélòó kan rán, a sì gba irin lọ́wọ́ àwọn lébìrà, gbígbá sì dín kù kíá. Ní igun tó kángun sí ojú àgbàrá, eku ti gé àpò méjì. Bàbá dí ihò ibẹ̀ pẹ̀lú símẹ́ńtì.

Oṣù Kẹrin ni ohun tó le jù níbẹ̀ ṣẹlẹ̀, ó sì fara pamọ́ fún wa.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀. A fa àpò pupa mẹ́wàá jáde. Ní oṣù Kejì, ìwọ̀n wọn ní ìpíndọ́gba jẹ́ 95.9 kílò. Ní oṣù Kẹrin yìí, ó jẹ́ 96.1. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn. Ó ní, "Ẹ ò rí i pé kò sí ohun tó ń jẹ ẹ́, ó tilẹ̀ ń pọ̀ sí i." Èmi náà fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n mítà ka 13.3. Àgbàdo máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́ padà bí ó ṣe ń sọ ọ́ nù, afẹ́fẹ́ Èkìtì nígbà òjò sì kún fún un. Bí ohun gbígbẹ 84 bá ṣì pé nínú àpò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú omi 13.3, ó yẹ kí ó wọn 96.9. Ó wọn 96.1. Nǹkan bí ẹ̀ẹ́rin-nínú-márùn-ún kílò ti kúrò nínú àpò kọ̀ọ̀kan, omi òjò sì ti rọ́pò rẹ̀ lójú síkéèlì.

Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé síkéèlì nìkan ní àkókò yìí, àfi ìgbà tí ó bá ti bàjẹ́ ni yóò mọ̀. Nínú ọyẹ́, síkéèlì ń pariwo olè níbi tí olè kò sí. Nígbà òjò, ó ń dákẹ́ bí àwọn kan ti ń jẹun.

A tú àpò kan tó wà láàárín. Mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó gbóná ju afẹ́fẹ́ inú ilé lọ. Nígbà tí mo fa ọwọ́ jáde, lẹ́búlẹ́bú lẹ̀ mọ́ ìka mi bí èlùbọ́. Mo da ẹ̀kúnwọ́ kan sórí ọpọ́n bàbá: kòkòrò dúdú kékeré, onímú gígùn, tí kò ju ìdajì ìrẹsì lọ, mẹ́rin jáde, wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́. Bàbá ní kí gbogbo wa dákẹ́, kí n gbé etí lé àpò. Mo gbọ́ ọ. Ìró kékeré kan bí ìgbà tí òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bá ń kán sórí ewé gbígbẹ.

Kòkòrò yìí kì í jẹ àgbàdo láti òde bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ẹ́. Abo rẹ̀ máa ń gbẹ́ ihò tín-ín-rín sínú hóró, ó ń yé ẹyin kan síbẹ̀, ó ń fi ohun kan bí oje dí ojú rẹ̀. Ọmọ inú rẹ̀ ń jẹ hóró náà láti inú fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún nínú ooru tiwa, ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò lu ihò jáde. Nítorí náà ihò róbótó tí ojú ń rí kì í ṣe ibi tí kòkòrò ń wọlé, ibi tó ti jáde ni. Nígbà tí ihò bá ti pọ̀ lójú, àwọn tó ṣì wà nínú hóró tí kò tíì níhò pọ̀ jù ú lọ.

Aládùúgbò kan ní kí a fọ́n òtapíápíá sí i. A kọ̀. Àjọ NAFDAC ti ń kìlọ̀ lé e lórí láti ìgbà pípẹ́ pé kí wọ́n má fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ sí oúnjẹ, adìyẹ tí yóò jẹ àgbàdo yìí sì ni àwọn èèyàn yóò jẹ. A pe ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ oògùn oníhóró tó ń di gáàsì. Ó fi tapólì bo gbogbo òkìtì àpò, ó fi yanrìn tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká, ó fi oògùn sábẹ́ rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn pa fún ọjọ́ méje. Gáàsì yẹn ń pa èèyàn bí ó ṣe ń pa kòkòrò. Bàbá kò sún mọ́ ibẹ̀, a sì ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó wọlé.

Ó pa wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n tún padà. Èmi ni mo fà á. Nígbà tí a ń bo àpò, dúrọ́ọ̀mù gbígbá wà ní igun, lóde tapólì. Àgbàdo tó wà nínú rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí kòkòrò fẹ́ ló wà níbẹ̀: hóró fífọ́, lẹ́búlẹ́bú, òkùnkùn. Ohun tí mo gbé kalẹ̀ láti máa fi ka àdánù ló ń bí kòkòrò fún wa. Láti ìgbà náà, gbígbá ń jáde kúrò nínú ilé náà ní ọjọ́ Sátidé yẹn gan-an, lẹ́yìn tí a bá ti wọn ún. Adìyẹ bàbá ló ń jẹ ẹ́.

Ní oṣù Kẹfà, oníbàárà ní òun kò gba àgbàdo eléruku. A jọ̀ gbogbo rẹ̀ lórí ajọ̀ fífẹ̀, lẹ́búlẹ́bú bọ́ sílẹ̀, a sì wọn ohun tó kù: 18,900 kílò, omi rẹ̀ jẹ́ 14. Lójú síkéèlì, láti 19,180 ti oṣù Kejì, 280 kílò péré ló dín. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú omi 14, ohun gbígbẹ 16,800 wa yẹ kí ó wọn 19,535. Àdánù gidi jẹ́ 635 kílò.

Ibo ni ó lọ? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bu àgbàdo láti inú àpò ogún, ó dà á pọ̀, ó ka 500 hóró jáde láìṣà. Òun àti bàbá jókòó sórí ẹní, wọ́n pín in sí méjì. Hóró 450 pé, 50 ní ihò. Ó wọn òkìtì méjèèjì lórí síkéèlì kékeré. Hóró tó pé wọn 0.25 gíráàmù ní ìpíndọ́gba, èyí tó níhò wọn 0.19. Ìyẹn ni pé hóró tí kòkòrò jẹ ti pàdánù bí ìdá 24 nínú ara rẹ̀, irú hóró bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ ìdá 10 nínú gbogbo àgbàdo. Ìdá 24 lórí ìdá 10 jẹ́ ìdá 2.4. Nínú 19,535 kílò, ìyẹn jẹ́ 469 kílò.

Ìṣírò yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí kòkòrò bá ti jẹ hóró kan tán pátápátá, kò sí lórí ẹní láti kà. Bí ó bá sì jẹ́ pé hóró ńláńlá ni kòkòrò ń yàn, èyí tó níhò lè wọn tó èyí tó pé, kí àdánù wá dà bí ẹni pé kò sí. Ìdí nìyẹn tí a fi kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti inú àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí a sì mú ti àárín.

Ìwé bàbá ní gbígbá tó kó jáde láti oṣù Kejì di oṣù Kẹfà jẹ́ 98 kílò. Mo yọ 469 kúrò nínú 635, mo yọ 98, ó ku 68 kílò. Díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò wà nínú ikùn eku. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyókù, bàbá sì wà níbẹ̀. Mo ṣí ìwé, mo tún ìṣírò náà ṣe lójú wọn, mo ní ká sọ pé mítà wa ṣì í pẹ̀lú ìdajì ìdá kan, irú àṣìṣe tí mítà ọlọ́wọ́ sábà máa ń ṣe, pé omi jẹ́ 14.5 dípò 14. Ìwọ̀n tó yẹ kí a bá yí padà pẹ̀lú ohun tó lé ní 100 kílò. Kílò 68 kéré sí ohun tí mítà lè ṣì. N kò lè fi í mú ẹnikẹ́ni.

Bàbá kọ 68 sí ìsàlẹ̀ ìwé tirẹ̀, ó fi ìlà sí abẹ́ rẹ̀, ó sì béèrè ọjọ́ tí a ó kó tuntun wọlé.